Ẹ Ka Àdírẹ́sì Kí Ẹ Tó Tẹ Líǹkì

Lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 2016, ímeèlì kan wọlé sórí Gmail John Podesta, alága ìpolongo ìbò Hillary Clinton nígbà tó ń díje fún ipò ààrẹ Amẹ́ríkà. Ìwé náà kò gùn. Ó ní ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi páswọ́ọ̀dù Podesta gbìyànjú láti wọlé láti orílẹ̀-èdè Ukraine, pé Google ti dá onítọ̀hún dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kí Podesta má jáfara, kó yára pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ `CHANGE PASSWORD` sí. Google ni wọ́n pe ẹni tó fi í ránṣẹ́, `The Gmail Team` ló sì buwọ́ lù ú.

Àwọn tó ń bá Podesta ṣiṣẹ́ kò sáré. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́ni pé ká ṣe ni wọ́n ṣe: wọ́n fi ìwé náà han ẹni tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà láàárín wọn. Onítọ̀hún dáhùn pé ojúlówó ni. Ó sọ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn náà pé ayédèrú lòun ní lọ́kàn láti kọ, pé òun ló ṣì í tẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí kì í sọ. Nínú èsì kan náà, ọkùnrin náà kọ àdírẹ́sì tó tọ̀nà fún wọn, `https://myaccount.google.com/security`, pé ibẹ̀ ni kí wọ́n gbà lọ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù. Ká ní wọ́n gba ibẹ̀ ni, àṣìkọ rẹ̀ kì bá pa ẹnikẹ́ni lára. Bọ́tìnnì tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n padà lọ tẹ̀.

Ó lé ní 50,000 ímeèlì tí àwọn olè náà kó. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, nígbà tí ìbò kù bí oṣù kan, WikiLeaks bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn jáde fún gbogbo ayé kà. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan àwọn ọ̀gágun 12 tí wọ́n jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun Rọ́ṣíà, ọ̀rọ̀ ímeèlì Podesta sì wà nínú ìwé ẹ̀sùn náà.

Mo yan ìtàn yìí nítorí pé ó tú àṣírí ìmọ̀ràn kan tí wọ́n máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, pé kí wọ́n máa wá Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́, ọ̀rọ̀ tí wọn ò kọ dáadáa àti àmì iléeṣẹ́ tó rí wúruwùru. Nínú ìwé tí wọ́n kọ sí Podesta, kò sí èyí tó hàn gbangba níbẹ̀. Gbájúẹ̀ tó bá fẹ́ jẹun á mọ ìwé kọ. Àmì iléeṣẹ́ ò sì ṣòro kó. Ẹni tó bá ti gba ojúlówó ìwé kan rí á dà á kọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé bá burú, ó dáa, ẹ sá fún un. Ṣùgbọ́n bó bá dán mọ́rán, ìyẹn ò fi hàn pé òótọ́ ni. Ibi tí irọ́ ìwé Podesta fara hàn sí wà lẹ́yìn bọ́tìnnì, níbi tí ojú kì í dé.

Líǹkì kúkúrú kan ló wà lẹ́yìn bọ́tìnnì náà, irú èyí tí wọ́n fi ń ké àdírẹ́sì gígùn kúrú. Líǹkì kúkúrú yìí ló ń gbé èèyàn lọ sí ibi tó bẹ̀rẹ̀ báyìí:

```
http://myaccount.google.com-securitysettingpage.tk/
```

Ẹni tó bá ń sáré kà á, `myaccount.google.com` ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ rí, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Ohun tí olè náà gbójú lé nìyẹn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà ka àdírẹ́sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe iwájú. Bí a ṣe ń kà á nìyí: ẹ fo `http://` tàbí `https://` tó wà níbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá máa lọ síwájú títí ẹ ó fi kan ìlà dídagun àkọ́kọ́, `/`. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn ìlà yẹn, ẹ gbàgbé rẹ̀ ná; olè lè kọ ohun tó bá wù ú síbẹ̀. Láti ibi ìlà yẹn, ẹ padà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn kó tó kan ìlà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tó ṣáájú rẹ̀, tí àmì tóótó kan là láàárín, àwọn méjèèjì ló ń sọ ẹni tó ni ibẹ̀.

Nínú ti Podesta, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ni `tk`. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni `com-securitysettingpage`, nítorí pé àmì ìsopọ̀ kékeré, `-`, kì í la ọ̀rọ̀ níyà. Àmì tóótó nìkan ló ń là á. Ìyẹn ni pé ẹni tó ni `com-securitysettingpage.tk` ló ni ojú ewé náà. `tk` yìí jẹ́ ti àwọn erékùṣù kéékèèké kan tí wọ́n ń jẹ́ Tokelau ní òkun Pàsífíìkì, ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà yẹn. Google kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní ti ojúlówó tí ọkùnrin kọ̀ǹpútà fún wọn, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn kó tó kan ìlà dídagun ni `com`, èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni `google`. Google ló ni ín. `myaccount` tó wà níwájú kàn jẹ́ yàrá kan nínú ilé Google ni.

Ẹnikẹ́ni lè kọ́ ilé sí Ṣágámù kó sì kọ “Ààfin Olúbàdàn” gàgàrà sára géètì rẹ̀. Ìyẹn ò sọ Ṣágámù di Ìbàdàn. Ẹni tó bá ra orúkọ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọ̀rọ̀ yòówù ṣáájú rẹ̀: orúkọ báńkì yín, orúkọ iléeṣẹ́ yín, orúkọ ìjọba pàápàá. Apá ẹ̀yìn nìkan ni kò lè fi purọ́.

Ní tiwa níbí, ó kù díẹ̀ ká fi kún un. Àwọn àdírẹ́sì kan wà tí ẹ̀yìn wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, bíi `com.ng`, `gov.ng` àti `co.uk`. Bí ẹ bá rí irú èyí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kí ẹ kà láti ẹ̀yìn. `cac.gov.ng` jẹ́ ti àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ̀ka ìjọba nìkan ni wọ́n sì ń fún ní orúkọ tó bá parí sí `gov.ng`. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìwé kan dé sí akọ̀wé ọ́fíìsì kan n'Íkẹjà, pé iléeṣẹ́ wọn kò tíì san owó ọdọọdún, pé wọ́n máa yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé tó bá fi di ọ̀la, kó sì wọlé síbí:

```
https://cac.gov.ng.annual-returns.example/login
```

Mo fi `example` parí rẹ̀ nítorí pé wọ́n ya ọ̀rọ̀ yẹn sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ, kò sẹ́ni tó lè rà á. Ẹ fo `https://`. Ìlà dídagun àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ṣáájú `login`. Ẹ padà sẹ́yìn láti ibẹ̀: `example`, lẹ́yìn náà `annual-returns`. Ẹni tó ni `annual-returns.example` ló ń dúró de akọ̀wé yìí. `cac.gov.ng` tó wà níwájú jẹ́ ọ̀rọ̀ ara géètì lásán. Bó bá jẹ́ pé `cac.gov.ng` ló wà lẹ́bàá ìlà dídagun gan-an ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ọgbọ́n kejì tí wọ́n ń dá kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀: wọ́n á fi lẹ́tà tó jọra rọ́pò ara wọn. Ẹ wo `rnicrosoft.com` dáadáa. `r` àti `n` ló wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe `m`. Lórí fóònù kékeré, ojú tó ti rẹ̀ kò lè rí i. Òǹkà `1` máa ń dúró fún lẹ́tà `l`, òdo sì máa ń dúró fún `o`. Èyí ni mo fi máa ń sọ pé bí ẹ bá ti ń fura débi tí ẹ fi ń wo lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan, ẹ kúkú fi líǹkì náà sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ ara yín kọ àdírẹ́sì tí ẹ mọ̀.

Báwo lèèyàn ṣe máa rí ohun tó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì láì tẹ̀ ẹ́? Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ gbé ọfà máòsì lé líǹkì náà, ẹ má tẹ ohunkóhun. Àdírẹ́sì á yọ, ó sábà máa ń jẹ́ ní igun apá òsì nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, tàbí nínú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà. Lórí fóònù, ẹ tẹ ìka mọ́ líǹkì náà, kí ẹ má tètè gbé e kúrò; àdírẹ́sì á jáde pẹ̀lú ìbéèrè pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ó gba sùúrù díẹ̀, nítorí pé ìka tó bá tètè gbéra ti tẹ líǹkì nìyẹn. Èmi ò fẹ́ràn kí èèyàn máa yẹ líǹkì iṣẹ́ wò lórí fóònù. Ìwé tó bá jẹ mọ́ owó tàbí páswọ́ọ̀dù lè dúró títí ẹ ó fi dé ìdí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀nà yìí níbi tó mọ. Líǹkì kúkúrú bíi ti Podesta kò ní fi ibi tó ń lọ hàn yín. Ti oníkékeré nìkan lẹ máa rí. Àwòrán onígun mẹ́rin tí wọ́n ń fi fóònù yà, tí àwọn olè ti ń fi sínú ímeèlì báyìí, kò ṣe é gbé ọfà lé, ó sì ń gbé yín kúrò lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó ní ààbò lọ sórí fóònù tiyín. Bákan náà, àwọn iléeṣẹ́ kan ń lo ààbò Microsoft tó ń yí gbogbo líǹkì padà, tó fi jẹ́ pé `safelinks.protection.outlook.com` ni ẹ máa rí ṣáájú, tí ojúlówó ibi tó ń lọ á wà nínú àgbájọ lẹ́tà gígùn lẹ́yìn rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé líǹkì náà mọ́. Ó kàn túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ̀rọ náà sì máa ń ṣì í nígbà míì.

Fún gbogbo irú èyí, ìmọ̀ràn ọkùnrin kọ̀ǹpútà Podesta ló dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kọ ọ́ dáadáa: ẹ gba ọ̀nà míì lọ. Bí ìwé bá sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ sí àkáǹtì yín ní báńkì, ẹ ṣí áàpù báńkì náà fúnra yín. Bó bá sọ pé páswọ́ọ̀dù ọ́fíìsì fẹ́ gbẹ́mìí mì, ẹ wọlé láti ibi tí ẹ ti ń wọlé lójoojúmọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, ẹ máa bá a níbẹ̀.

Bí ẹnì kan bá wá tẹ líǹkì náà ńkọ́? Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, títẹ̀ nìkan kọ́ ló ń fún olè ní nǹkan. Páswọ́ọ̀dù tí ẹ bá kọ sójú ewé tó ṣí ni. Nítorí náà ibẹ̀ ni ibi ìdúró kejì. Ojú ewé ayédèrú lè jọ ti Microsoft débi pé ẹni tó ṣe é gan-an á ṣì í mú. Ẹ gbójú sókè síbi àdírẹ́sì, kí ẹ kà á láti ẹ̀yìn bí a ṣe sọ. Ojúlówó ibi tí Microsoft ti máa ń gba páswọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ni `login.microsoftonline.com`. Ẹ má fi ti àmì kọ́kọ́rọ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ṣe. Ohun tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ń sọ ni pé ẹlòmíì kò lè yọjú wo ohun tó ń lọ láàárín ẹ̀yin àti ẹni tó wà lódì kejì. Kò sọ ẹni tó wà lódì kejì. Olè náà ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmì kan wà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ju ojú èèyàn lọ. Bí ẹ bá ti jẹ́ kí bráwúsà bá yín tọ́jú páswọ́ọ̀dù, àdírẹ́sì ló fi ń dá ibi tó yẹ kó kọ ọ́ sí mọ̀, kì í wo àwọ̀ tàbí àmì iléeṣẹ́. Lójú ewé ayédèrú, kò ní kọ nǹkan kan. Bí ojú ewé tó máa ń kún fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́ bá ṣófo lónìí, ẹ má bínú kí ẹ wá fọwọ́ kọ páswọ́ọ̀dù náà. Ẹ dúró, kí ẹ tún àdírẹ́sì kà. Ẹ kíyè sí èyí náà: ọ̀pọ̀ ojú ewé ayédèrú ló máa ń sọ pé páswọ́ọ̀dù tí ẹ kọ kò tọ̀nà, tí wọ́n á wá jù yín sójú ewé tòótọ́. Ẹ tún un kọ, ó gbà, ẹ rò pé ìka yín ló ṣì tẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ti àkọ́kọ́ yẹn ti wà lọ́wọ́ olè. Kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí fóònù kò fi gbogbo ara gbà yín, torí pé ojú ewé ayédèrú míì ń gba páswọ́ọ̀dù àti kóòdù pọ̀, ó sì ń lò wọ́n lójú ẹsẹ̀ kí kóòdù tó kú.

Fáìlì tí wọ́n so mọ́ ìwé ní àwọn àmì tirẹ̀. Ẹ̀yìn orúkọ náà ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Windows máa ń fi ẹ̀yìn orúkọ fáìlì pa mọ́ bí wọ́n bá ṣe tà á, nítorí náà `Invoice.pdf.exe` á fara hàn bí `Invoice.pdf`, bẹ́ẹ̀ ètò tó lè ṣe ohunkóhun nínú kọ̀ǹpútà ni. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà yín kó tan `File name extensions` sílẹ̀. Kì í gba ìṣẹ́jú kan. Èyí tó ń wọ́pọ̀ lọ́fíìsì ni fáìlì tó parí sí `.html` tàbí `.htm`. Wọ́n á pè é ní ínfọ́ìsì, bí ẹ bá ṣí i, á gbé ojú ewé jáde tó ń béèrè páswọ́ọ̀dù ímeèlì yín. Àdírẹ́sì tó wà lókè á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `file:///`, torí pé inú kọ̀ǹpútà tiyín gan-an ni ojú ewé náà wà, kò ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá. Kò sí oníbàárà tó ń fi `.html` kọ ínfọ́ìsì. Èyí tí mo bá rí, mi ò ní ṣí i.

Ti Word àti Excel, ẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí fáìlì, ẹ bá àwòrán tó ṣú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé kí ẹ tẹ `Enable Content` kó tó lè hàn. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ tẹ̀ yẹn ló máa jẹ́ kí àṣẹ tó fara pa mọ́ sínú fáìlì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ọdún 2022 ni Microsoft ti ń dí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́nà nínú fáìlì tó bá ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá, nítorí náà ìwé tó bá ń kọ́ yín bí ẹ ṣe máa tú ìdènà náà, ẹ ti mọ ohun tó ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì `.zip` tí wọ́n tì pa, tí wọ́n sì kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú ìwé kan náà. Wọ́n tì í kí ẹ̀rọ ààbò ọ́fíìsì má bàa lè yẹ inú rẹ̀ wò ni. Ẹni tó bá ń pa àṣírí mọ́ ní tòótọ́ kì í so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ilẹ̀kùn.

Títí di ibi tí a dé yìí, àmì wà nínú ìwé fún ẹni tó bá wò ó. Ìgbà míì wà tí kò ní sí, ìtàn rẹ̀ sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Nàìjíríà. Iléeṣẹ́ Unatrac, tó wà ní Britain, ló ń ta ẹ̀rọ ńláńlá Caterpillar sí òkè òkun. Lóṣù Kẹrin ọdún 2018, ọ̀gá àgbà tó ń bójú tó owó níbẹ̀ gba ímeèlì tí líǹkì wà nínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ojú ewé tó jọ ti Microsoft ṣí, ó sì kọ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìwé tí àwọn ọlọ́pàá FBI kọ sí ilé ẹjọ́ sọ ohun tó tẹ̀ lé e. Láàárín ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 20 oṣù yẹn, àwọn olè náà wọ inú ímeèlì ọ̀gá yìí nígbà 464, ó kéré tán, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ láti Nàìjíríà.

Wọn ò sáré béèrè owó. Wọ́n kọ́kọ́ wo bí iléeṣẹ́ náà ṣe ń sanwó. Wọ́n wá ṣe ínfọ́ìsì ayédèrú tó ní àmì iléeṣẹ́ lára, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka owó láti inú ímeèlì ọ̀gá fúnra rẹ̀, pé kí wọ́n san án. Wọ́n tún ṣe òfin sínú ímeèlì náà, pé èsì yòówù tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yìí wá, kó ti di kíkà kó sì wọ fódà míì, kí ọ̀gá má bàa rí i. Ẹ ro ara yín sí ipò akọ̀wé owó yẹn. Ó lè ka àdírẹ́sì ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́ láti iwájú, kó tún kà á láti ẹ̀yìn: ti ọ̀gá rẹ̀ ni lóòótọ́. Bó bá fura tó sì fi ímeèlì béèrè pé “Ṣé ẹ̀yin lẹ ní ká san èyí?”, olè ló máa dá a lóhùn. Owó tó lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là mílíọ̀nù 11, nígbà bíi 15 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Díẹ̀ ni wọ́n rí gbà padà nínú rẹ̀.

Obinwanne Okeke ló wà nídìí ẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tí ìwé ìròyìn Forbes Africa ti gbé orúkọ rẹ̀ jáde lọ́dún 2016 láàárín àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò tó ń ṣe dáadáa. Lóṣù Kejì ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Virginia l'Amẹ́ríkà rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Àmì tó kù nínú irú ìwé yẹn ni ohun tó ń béèrè. Àkáǹtì báńkì tí ẹ kò sanwó sí rí. Oníbàárà àtijọ́ tó ní òun ti yí àkáǹtì òun padà. Ìsanwó tó gbọ́dọ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, tí wọ́n sì ní kí ẹ má sọ fún ẹlòmíì. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, orí fóònù ni ọ̀rọ̀ náà kàn, nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ lẹ sì máa pè, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé náà. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ páswọ́ọ̀dù síbi tí kò yẹ, ẹ pe ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gba ọ̀nà tó tọ̀nà pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wo ibi òfin ímeèlì yín, tí Outlook ń pè ní `Rules`, tí Gmail ń pè ní `Filters`. Òfin tí ẹ kò ṣe, tó bá wà níbẹ̀, olè ló ṣe é, á sì máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù.

Pípe ọ̀gá yìí gan-an ló le jù lọ́fíìsì wa. Ọmọ tó gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá pé “Sanwó yìí báyìí báyìí, mo wà ní ìpàdé” kò ní fẹ́ pè é, kí ọ̀gá má bàa sọ pé ó ń wá ìdí òun. Àwọn gbájúẹ̀ mọ èyí, wọ́n sì ń lò ó. Nítorí náà ẹ̀yin ọ̀gá ni mo ń bẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri akáǹtì: a kò gbọ́dọ̀ san owó sí àkáǹtì tuntun láì kọ́kọ́ pe ọ̀gá lórí fóònù, àní bí ọ̀gá bá ní kí wọ́n má pe òun. Bí ọmọ iṣẹ́ yín bá wá pè yín láàárín ìpàdé, ẹ gbé e, kí ẹ sì dá a lóhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.